Òpó Igun Ilẹ̀ Ló Ń Sọ Bí Ilẹ̀ Ṣe Tóbi Tó, Kì Í Ṣe Téèpù Nìkan

Ká mú tọkọtaya kan bí àpẹẹrẹ. Kàdúná ni wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ rà wà lẹ́bàá Ṣágámù, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó tó ń gbé nítòsí ibẹ̀ ló ń bá wọn ṣètò rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ tà á sọ fún wọn pé pulọ́ọ̀tì kan pérépéré ni, ìyẹn 60 ẹsẹ̀ bàtà níbùú àti 120 ẹsẹ̀ bàtà lóròó. Wọ́n fẹnu kò sí 10,000 náírà lórí sukúéà mítà kan, ìyẹn ojú ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì gùn ní mítà kan.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ wọn ilẹ̀ náà, ẹ̀gbọ́n di orí téèpù kan mú, ẹni tó ń ta ilẹ̀ di orí kejì mú. Iwájú ilẹ̀ tó kọjú sí títì jẹ́ mítà 18.03. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ 18.97. Ẹ̀gbẹ́ òsì jẹ́ 36.12, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sì jẹ́ 36.22. Ọkùnrin náà mú bébà, ó ro iwájú àti ẹ̀yìn pọ̀, ó pín in sí méjì, ó rí 18.50. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó rí 36.17. Ó sọ ọ̀kan lọ́nà èkejì, ó sì rí 669. Nígbà tó sì jẹ́ pé pulọ́ọ̀tì 60 lọ́nà 120 ẹsẹ̀ bàtà kò ju sukúéà mítà 669 lọ, inú gbogbo wọn dùn. Owó ilẹ̀ di 6,690,000 náírà.

Kí wọ́n tó sanwó, ìyàwó ní kí wọ́n gba awọnlẹ̀, ẹni tí ọ̀pọ̀ ń pè ní sọ́féyọ̀, kó bá wọn ya ìwé sọ́fè. Ìwé náà jáde. Ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ni pé ilẹ̀ náà jẹ́ sukúéà mítà 609.

Ẹ̀gbọ́n fi ìbínú pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù. “Ọmọkùnrin yẹn ti gé ilẹ̀ yín. Èmi fúnra mi ni mo di téèpù mú!”

“Bọ̀dá mi, ẹ má bínú,” ni àbúrò rẹ̀ fèsì. “Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi í bó ṣe ṣe ìṣirò rẹ̀.”

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 669 àti 609 jẹ́ 60 sukúéà mítà. Tí yàrá kan bá jẹ́ mítà 3 lọ́nà 4, ilẹ̀ yàrá márùn-ún nìyẹn. Ní iye tí wọ́n fẹnu kò sí, 600,000 náírà ni. Ta ló ń parọ́, ṣé téèpù ni àbí awọnlẹ̀?

Téèpù ò parọ́, àmọ́ ohun tó mọ̀ ò tó

“Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ ṣe wọn ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn dáa gan-an,” ni awọnlẹ̀ náà sọ nígbà tí wọ́n pè é. “Ohun tí èmi náà rí kò yàtọ̀. Ìṣirò tí wọ́n fi tẹ̀ lé e ló ní àbùkù.”

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, kó mú páálí ìṣáná kan, kó yọ dúrọ́ọ̀ inú rẹ̀ kúrò, kó wá fi ìka ti páálí òfìfo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹnu páálí náà á dà bí ẹni tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò gùn sí i, wọn ò sì kúrú sí i, síbẹ̀ àyè tó wà láàárín wọn ti kéré sí i. Tó bá ń tì í nìṣó, páálí náà á tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sì ní sí àyè kankan láàárín mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe rí. Ilẹ̀ méjì lè ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin tó gùn bákan náà, kí ọ̀kan sì tóbi ju èkejì lọ dáadáa, torí pé igun ọ̀kan dúró ṣánṣán, igun èkejì sì wọ́.

Ìṣirò kí á ro ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọra pọ̀ kí á pín in sí méjì kì í ṣe ohun tuntun. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ fi wọn oko, ó sì wà lára ohun tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri tẹ́ńpìlì Hórọ́ọ̀sì tó wà ní Édífù. Àbùkù ibẹ̀ ni pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló máa ń gbà ṣì. Tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dúró ṣánṣán bí igun ìwé, ohun tó máa sọ máa tọ̀nà. Tí igun kankan bá wọ́, ńṣe ló máa sọ pé ilẹ̀ náà tóbi ju bó ṣe rí lọ. Kì í fìgbà kankan sọ pé ó kéré jù. Torí náà, nígbàkigbà tí ìṣirò yìí bá ṣì, ẹni tó ń ra ilẹ̀ ló máa gbé e rù.

Téèpù kan náà tí ẹ̀gbọ́n mú dání ì bá ti tú àṣírí náà, ká ní ó wọn nǹkan méjì sí i. Ìyẹn ni gígùn láti igun kan dé igun tó dojú kọ ọ́, ní ọ̀nà méjèèjì, kó sọdá àárín ilẹ̀. Tí ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọra bá gùn bákan náà, tí ọ̀nà ìsọdá méjèèjì náà sì gùn bákan náà, igun ilẹ̀ yẹn dúró ṣánṣán. Nínú pulọ́ọ̀tì 60 lọ́nà 120 tí igun rẹ̀ dára, ìkọ̀ọ̀kan á jẹ́ nǹkan bíi mítà 40.9. Lórí ilẹ̀ tí à ń sọ yìí, ọ̀kan jẹ́ mítà 46.96, èkejì sì jẹ́ 33.11. Mítà mẹ́tàlá lé díẹ̀ ló fi gùn ju ara wọn lọ. Igbó ló wà lórí ilẹ̀ náà lọ́jọ́ yẹn, kò sì sí ọgbà tó máa jẹ́ kí ojú rí bó ṣe wọ́ tó.

Ohun tí nọ́ńbà inú ìwé sọ́fè ń sọ

Awọnlẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀. Igun ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń ri òpó sìmẹ́ńtì kékeré kan mọ́lẹ̀ ní igun kọ̀ọ̀kan, á sì kọ nọ́ńbà méjì fún òpó kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n kọ E sí ń sọ bí òpó náà ṣe lọ sí ìlà oòrùn tó. Èyí tí wọ́n kọ N sí ń sọ bó ṣe lọ sí àríwá tó. Mítà ni méjèèjì.

Nọ́ńbà àríwá kò ṣòro láti lóye. Láti ìlà tó pín ayé sí ìdajì òkè àti ìdajì ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á. Tí N bá jẹ́ 756,104, ibẹ̀ jìn sí ìlà yẹn ní nǹkan bíi kìlómítà 756. Ti ìlà oòrùn gba àlàyé díẹ̀. Wọ́n pín ayé sí ẹkùn ẹkùn tó fẹ̀ ní digírí mẹ́fà mẹ́fà. Wọ́n wá fún ìlà àárín ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní 500,000, kí ẹnikẹ́ni má bàa ka nọ́ńbà tó kéré sí òdo. Ẹkùn 31 ni Ṣágámù wà, ẹkùn 32 sì ni Kàdúná wà. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnì kan gbé nọ́ńbà E ti ilẹ̀ Kàdúná sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ṣágámù, kó wá máa fi wọ́n wéra. Àmọ́ láàárín pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, ẹkùn kan náà ni gbogbo òpó wà, kò sì sí wàhálà.

Nọ́ńbà òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìyí, bí wọ́n ṣe tò wọ́n bí ẹni ń tẹ̀ lé ọwọ́ aago yí ilẹ̀ náà po. Ìwé sọ́fè gidi sábà máa ń ní nọ́ńbà mẹ́ta lẹ́yìn àmì ẹ̀sún. Wọ́n yọ ìyẹn kúrò níbí kí ìṣirò lè rọrùn.

Òpó 1: E 571805, N 756104
Òpó 2: E 571808, N 756140
Òpó 3: E 571826, N 756146
Òpó 4: E 571822, N 756110

Nínú àwọn ìwé sọ́fè kan, pàápàá èyí tó ti pẹ́, òpó kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń kọ E àti N fún. Wọ́n á wá kọ gígùn ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan àti digírí ibi tó kọjú sí. Ìyẹn náà tó. Ẹ̀gbẹ́ tó ti òpó 1 lọ sí òpó 2 gùn ní mítà 36.12, ó sì kọjú sí digírí 4 àti mínítì 46, tí a bá kà á láti àríwá. Lórí ẹ̀rọ ìṣirò àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì, tí a bá sọ 36.12 lọ́nà `sin` digírí yẹn, a ó rí 3, ìyẹn sì ni a ó fi kún E. Tí a bá sọ ọ́ lọ́nà `cos` rẹ̀, a ó rí 36, ìyẹn sì ni a ó fi kún N. Báyìí ni òpó 2 ṣe di E 571808, N 756140.

Bí ìṣirò alágbèélébùú ṣe ń lọ

Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ ṣe ni pé ká dín nọ́ńbà náà kù. Tí ẹnì kan bá sọ 571,805 lọ́nà 756,140, ìdáhùn rẹ̀ á gùn tó nọ́ńbà méjìlá. Kakulétọ̀ kékeré tí wọ́n ń lò ní ọjà ò lè gbà á. Ti ilé ìwé sì lè gé ìrù rẹ̀ dànù, bẹ́ẹ̀ ìrù yẹn gan-an ni ilẹ̀ wa wà. Ọ̀nà àbáyọ ni pé ká yọ iye kan náà kúrò lára gbogbo E, ká sì yọ iye kan náà kúrò lára gbogbo N. Níbí, 571,800 ló kúrò lára E, 756,100 sì ló kúrò lára N. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn gbé ilẹ̀ náà odindi lọ síbòmíràn láì yí i, láì fà á. Títóbi rẹ̀ kò yí padà rárá.

Ní báyìí, ká tò wọ́n wálẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa pé òpó 1 tún padà wá sí ìsàlẹ̀ pátápátá, torí pé ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ padé níbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

```
      E     N
1     5     4
2     8    40
3    26    46
4    22    10
1     5     4
```

Lẹ́yìn náà, a ó mú E orí ìlà kọ̀ọ̀kan, a ó sọ ọ́ lọ́nà N tó wà lórí ìlà tó tẹ̀ lé e. Ńṣe ni a ó máa fà á ní ìdàgẹ̀rẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún. 5 lọ́nà 40 jẹ́ 200. 8 lọ́nà 46 jẹ́ 368. 26 lọ́nà 10 jẹ́ 260. 22 lọ́nà 4 jẹ́ 88. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 916.

A ó wá fà á lódì kejì. A ó mú N orí ìlà kọ̀ọ̀kan, a ó sọ ọ́ lọ́nà E tó wà lórí ìlà tó tẹ̀ lé e. 4 lọ́nà 8 jẹ́ 32. 40 lọ́nà 26 jẹ́ 1,040. 46 lọ́nà 22 jẹ́ 1,012. 10 lọ́nà 5 jẹ́ 50. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 2,134.

Tí a bá fi bírò fa ìlà sí gbogbo ohun tí a sọ di púpọ̀ yìí, wọ́n á gba àárín ara wọn kọjá bí àgbélébùú, tàbí bí okùn bàtà tí wọ́n so. Ibẹ̀ ni ìṣirò náà ti gba orúkọ rẹ̀.

Ó ku ìṣísẹ̀ méjì. A ó yọ èyí tó kéré kúrò lára èyí tó pọ̀: 2,134 yọ 916 kúrò, ó ku 1,218. A ó wá pín in sí méjì, ó sì jẹ́ 609. Ohun tó wà nínú ìwé sọ́fè gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá to òpó rẹ̀ lódì sí ọwọ́ aago á rí i pé àpapọ̀ àkọ́kọ́ ló máa pọ̀ ju èkejì lọ. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ìyàtọ̀ wọn kò ní yí padà.

Ìyàwó ṣe é lórí fóònù rẹ̀ ní Kàdúná, ó rí 609. Ó ní kí ọkọ rẹ̀ náà ṣe é láì wo tòun. Òun náà rí 609. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ò tíì gbà. “Ẹ ń sọ nọ́ńbà lọ́nà nọ́ńbà,” ló sọ fún awọnlẹ̀. “Kí ló kan ilẹ̀ nínú ìyẹn?”

Ohun tó fà á tó fi ń tọ̀nà

Ìbéèrè tó dára ni, ìdáhùn rẹ̀ kò sì le. Ká sọ pé ìlà tó tẹ́jú kan wà ní gúúsù ilẹ̀ náà, láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn, níbi tí N ti jẹ́ òdo. Ẹnì kan wá ń rìn lórí ààlà ilẹ̀ náà láti òpó dé òpó. Bó ṣe ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ kan wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ìlà ìsàlẹ̀ yẹn. Nígbà tó bá ń lọ sí ìlà oòrùn, ká ro ilẹ̀ yẹn mọ́ ọn. Nígbà tó bá ń padà bọ̀ sí ìwọ̀ oòrùn, ká yọ ọ́ kúrò.

Láti òpó 1 sí òpó 2, ó lọ sí ìlà oòrùn ní mítà 3. Ó bẹ̀rẹ̀ ní mítà 4 sókè ìlà náà, ó sì dé mítà 40. Ìdajì àpapọ̀ 4 àti 40 jẹ́ 22, 3 lọ́nà 22 sì jẹ́ 66. Láti òpó 2 sí òpó 3, ó lọ sí ìlà oòrùn ní mítà 18. Ìdajì àpapọ̀ 40 àti 46 jẹ́ 43, 18 lọ́nà 43 sì jẹ́ 774. Gbogbo rẹ̀ di 840. Ṣùgbọ́n inú 840 yìí ni ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn wà, èyí tó wà láàárín ìlà ìsàlẹ̀ àti ààlà gúúsù.

Ìrìn àbọ̀ ló máa yọ ìyẹn kúrò. Láti òpó 3 sí òpó 4, ó padà sẹ́yìn ní mítà 4. Ìdajì àpapọ̀ 46 àti 10 jẹ́ 28, 4 lọ́nà 28 sì jẹ́ 112. Láti òpó 4 sí òpó 1, ó padà sẹ́yìn ní mítà 17. Ìdajì àpapọ̀ 10 àti 4 jẹ́ 7, 17 lọ́nà 7 sì jẹ́ 119. Àpapọ̀ àbọ̀ jẹ́ 231. Tí a bá yọ 231 kúrò nínú 840, ó ku 609.

Ọ̀nà alágbèélébùú ò yàtọ̀ sí ìrìn yìí. Ńṣe ló kàn gé e kúrú kí ó lè rọrùn láti kọ. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi ń ṣiṣẹ́ fún ilẹ̀ tó ní igun mẹ́ta, márùn-ún tàbí mẹ́wàá, tó bá ṣáà ti jẹ́ pé ààlà náà lọ tààrà láti òpó dé òpó. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá tẹ̀ lé odò tó lọ́, ìlà tààrà á gba orí ilẹ̀ kan tàbí inú omi kọjá. Níbẹ̀, ó di dandan kí awọnlẹ̀ mú ojú ibi tó pọ̀ sí i lórí ìlà tó lọ́ náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí èèyàn gbàgbé láti padà sí òpó 1. Lórí ilẹ̀ yìí, tí ẹnì kan bá dúró sí òpó 4, àpapọ̀ àkọ́kọ́ á jẹ́ 828, ìkejì á jẹ́ 2,084, ìdáhùn rẹ̀ á sì jẹ́ 628. Èyí léwu gan-an, torí pé 628 dà bí ohun tó lè jẹ́ òótọ́. Kò sí ẹni tó máa fura sí i. Ọ̀nà tí a fi lè mọ̀ ni pé ká ka iye ìgbà tí a sọ nọ́ńbà di púpọ̀. Tí òpó bá jẹ́ mẹ́rin, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́rin lápá kan, mẹ́rin lápá kejì.

Àṣìṣe kejì ni kí òpó má tò tẹ̀ léra. Nínú àtẹ ìwé sọ́fè míì, nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára òpó ni wọ́n fi ń tò wọ́n, ó sì lè máà bá bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra lórí ilẹ̀ mu. Tí ẹnì kan bá gbé òpó 4 ṣáájú òpó 3 níbí, á rí 1,396 àti 1,402. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 6, ilẹ̀ pulọ́ọ̀tì kan á sì di sukúéà mítà 3, tí kò ju ilẹ̀ yàrá ìwẹ̀ lọ. Ohun tó fà á ni pé ààlà náà ti gba àárín ara rẹ̀ kọjá bíi nọ́ńbà 8. Ìdajì kan wá ń yọ ìdajì kejì kúrò. Kí irú rẹ̀ má bàa ṣẹlẹ̀, ká kọ́kọ́ ya ilẹ̀ náà sórí bébà, ká fa ìlà láti òpó dé òpó. Tí ìlà méjì bá gba orí ara wọn kọjá, ká tún wọn tò.

Ẹ̀kẹta ni ti fóònù. Ẹ̀gbọ́n sọ pé òun máa lọ dúró sórí òpó kọ̀ọ̀kan, kí òun fi fóònù mú ojú ibi tó wà, ká lè mọ ẹni tó ń sọ òótọ́. Ìṣòro méjì ló wà níbẹ̀. Digírí ni fóònù sábà máa ń fi hàn, kì í ṣe mítà. A ò sì lè kó digírí sínú ìṣirò yìí bó ṣe wà. Ìṣòro tó tóbi jù ni pé ní gbangba tí ojú ọ̀run ti mọ́ pàápàá, fóònù lè fi nǹkan bíi mítà márùn-ún ṣì. Tó bá jẹ́ òpó 3 nìkan ló ṣì sí ìta ní mítà 5, ilẹ̀ náà á fi nǹkan bíi sukúéà mítà 83 tóbi sí i lórí bébà. Ìyẹn ju 60 tí wọ́n ń jà lé lórí lọ. Fóònù dáa fún kéèyàn lè rí ọ̀nà dé orí ilẹ̀, àmọ́ kò lè dá ẹjọ́ yìí. Ẹ̀rọ tí awọnlẹ̀ ń lò ń mú ojú òpó láàárín sẹ̀ntímítà díẹ̀.

Ohun tí 609 ò lè sọ

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n tún padà lọ síbẹ̀ pẹ̀lú téèpù rẹ̀, tó wọn ọ̀nà ìsọdá méjèèjì, tó rí 47 àti 33, ó pe àbúrò rẹ̀. “Ilẹ̀ náà wọ́ lóòótọ́,” ló sọ. “Ẹ má san owó pulọ́ọ̀tì odindi.” Wọ́n gbé ìṣirò náà lọ bá ẹni tó ń ta ilẹ̀. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀: 10,000 náírà lórí sukúéà mítà kan. 609 lọ́nà 10,000 jẹ́ 6,090,000 náírà. Ká ní “pulọ́ọ̀tì kan” lásán ni wọ́n fẹnu kò sí láì dárúkọ sukúéà mítà, ẹnu wọn ì bá má gbà á láti jiyàn. Ohun tó yẹ kó wà nínú àdéhùn ilẹ̀ nìyẹn, kí owó tó kúrò lọ́wọ́: iye tí sukúéà mítà kan jẹ́, àti pé títóbi tó bá jáde nínú ìwé sọ́fè ni wọ́n máa fi ṣírò owó.

Síbẹ̀, ìṣirò alágbèélébùú ò mọ ẹni tó ni ilẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́jọ tó wà lórí bébà lè fúnni ní 609 láì sí òpó kankan lórí ilẹ̀ tó bá wọn mu. Tàbí kó jẹ́ pé ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà ni àwọn òpó náà wà. Àmọ́ àwọn E àti N kan náà tí wọ́n fi ṣe ìṣirò ló tún wúlò níbí. Wọ́n lè mú wọn lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà àwọn awọnlẹ̀ ìpínlẹ̀ tí ilẹ̀ náà wà, kí wọ́n gbé wọn lé orí máàpù, kí wọ́n sì wò ó bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sórí ilẹ̀ ìjọba tàbí sórí ti ẹlòmíì. Kí wọ́n tún wádìí bóyá orúkọ awọnlẹ̀ tó buwọ́ lu ìwé náà wà nínú ìwé àjọ SURCON, àjọ tó ń fún àwọn awọnlẹ̀ Nàìjíríà ní àṣẹ iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan tó ṣeé fọkàn tán rìn dé ìdí òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sórí wọn, kó sì fi wé ti inú ìwé.

Tọkọtaya náà ò tíì sanwó kan. Ẹ̀gbọ́n ti ń múra láti gbé ìwé sọ́fè náà lọ sí Abẹ́òkúta.